Àwọn tó fún áàpù wa ní ìràwọ̀ kan: ẹ̀sùn ta ni ká kọ́kọ́ yanjú?

ọmọ_télọ̀
Ẹ kú iṣẹ́ o, gbogbo ilé. Èmi àti ọ̀rẹ́ mi kan la jọ ṣe áàpù kékeré kan fún àwọn télọ̀. Ibẹ̀ ni wọ́n ń kọ ìwọ̀n kọsítọ́mà sí, èjìká, àyà, ìbàdí, gígùn apá, wọ́n á tún fi fọ́tò sítáì tí kọsítọ́mà fẹ́ sí i, dípò ìwé tó máa ń ya tàbí tí ọmọ iṣẹ́ á fi dáná. Ó ń lọ dáadáa, 4.4 la wà lórí Google Play, àfi bó ṣe di bí oṣù kan sẹ́yìn tó bẹ̀rẹ̀ sí í já, ó ti di 3.9 báyìí, kò sì tíì dúró. Mo wá jókòó, mo ka gbogbo ríifíù oníràwọ̀ kan àti méjì tó ní ọ̀rọ̀ nínú, 41 ni wọ́n jẹ́, bí mo ṣe pín wọn rèé:

ìpolówó ti pọ̀ jù: 13
kóòdù OTP kò wọlé: 9
ìwọ̀n kọsítọ́mà mi ti pòórá: 6
kò ṣí, ó ń jáde fúnra ẹ̀: 5
ẹ jẹ́ kó máa dúdú lálẹ́, ẹ fi sẹ̀ńtímítà kún ínṣì: 4
èyí tí kò nítumọ̀ (ẹnì kan kàn kọ "olè", ó lọ): 4

Àwa méjèèjì ní iṣẹ́ ojúmọ́, alẹ́ la máa ń kọ kóòdù, ohun kan péré la lè ṣe kó dáa láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Ọ̀rẹ́ mi ní ìpolówó ni ká kọ́kọ́ dín kù torí òun lẹ́nu pọ̀ lé lórí jù. Ṣé bẹ́ẹ̀ lẹ̀yin náà ṣe rí i?

Bọ̀dá_Káńtà
Ọ̀rẹ́ ẹ gbọ́n. 13 ju 6 lọ, kí ló tún kù? Bí mo ṣe máa ń ṣe é nìyẹn, mo máa ka iye tó sọ nǹkan kan náà, mo máa wá wo iye èèyàn tó tẹ̀ ẹ́ pé ríifíù yẹn wúlò fún àwọn, torí èyí tí wọ́n tẹ̀ jù ló sábà máa ń wà lókè, òun ni ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ dáńlóòdù áàpù ẹ máa kọ́kọ́ rí. Bẹ̀rẹ̀ látorí èyí tó pọ̀ jù, máa bọ̀ nísàlẹ̀. Má jẹ́ kí wọ́n fi gírámà da orí ẹ rú níbí o.

màmá_láéèsì
Ẹ̀yin ọmọ mi, ọ̀rọ̀ yìí dùn mí wọ egungun. Èmi náà ní ìsọ̀ ní Gbági níbí n'Ìbàdàn, láéèsì àti àǹkárá ni mò ń tà, ọmọ mi obìnrin ló bá mi gbé ìsọ̀ náà sórí máàpù Google, àṣé ibẹ̀ ni wọ́n á ti máa bú mi. Ẹnì kan fún mi ní ìràwọ̀ kan torí pé ó dé lọ́jọ́ Sọ́ńdè, ìsọ̀ wà ní títì! Ẹlòmíì ní láéèsì mi wọ́n. Ẹnì kan wá sọ pé òun délé, òun tú aṣọ, ihò wà láàárín. Ẹni onihò yẹn ni mo kọ́kọ́ pè, mo pààrọ̀ ẹ̀ fún un, torí ẹni tó ní ó wọ́n á ṣì padà wá ná an, ṣùgbọ́n ẹni tó fi aṣọ onihò rán bùbá, kò tún ní gba iwájú ìsọ̀ mi kọjá mọ́. Báwo ni wọ́n ṣe ń yọ ti ọlọ́jọ́ Sọ́ńdè yẹn kúrò o?

ọmọ_télọ̀
Ẹ kú ọjà mà. Ti áàpù orí fóònù ni tèmi mà, kì í ṣe ìsọ̀, ṣùgbọ́n mo gbọ́ ohun tẹ́ ẹ sọ nípa oníhò yẹn.

Àgbà_Andírọ́ìdì
Màmá ti dáhùn ìdajì ìbéèrè yìí kí n tó dé.

Ọmọ_télọ̀, má tíì fọwọ́ kan kóòdù kankan. Ọ̀rọ̀ tó wà lẹ́nu èèyàn lo fi pín ríifíù wọ̀nyẹn, bẹ́ẹ̀ àwọn tó ń sọ ọ̀rọ̀ kan náà lè má ní àìsàn kan náà. Padà sínú Play Console, ṣí ríifíù kọ̀ọ̀kan, wọ́n máa ń kọ vẹ́ṣọ̀n áàpù tí ẹni yẹn ń lò síbẹ̀, irú fóònù ẹ̀, vẹ́ṣọ̀n Andírọ́ìdì ẹ̀ àti èdè tó fi sórí fóònù. Àwọn kan wà tí àyè vẹ́ṣọ̀n á ṣófo, fi wọ́n sílẹ̀ ná. Kọ àwọn nǹkan yìí sẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn 41 yẹn. Lẹ́yìn náà dá mi lóhùn, àpdéètì tẹ́ ẹ ṣe kẹ́yìn, ṣé gbogbo èèyàn lẹ fún àbí ẹ ń fún wọn díẹ̀díẹ̀?

ọmọ_télọ̀
Ẹ ṣé ẹ̀gbọ́n. Díẹ̀díẹ̀ ni, vẹ́ṣọ̀n 31 ni, 20% la fi sí, a ò tíì gbé e kúrò níbẹ̀ torí a gbàgbé, kí n má parọ́.

Mo ti wò wọ́n. Ti ìpolówó wà káàkiri gbogbo vẹ́ṣọ̀n láti 27. Ti OTP náà wà káàkiri, ṣùgbọ́n púpọ̀ nínú wọn ló sọ pé àwọn ṣẹ̀ṣẹ̀ dáńlóòdù ẹ̀ ni. Nínú àwọn 6 tí ìwọ̀n wọn pòórá, 31 ni márùn-ún ń lò, ọ̀kan ò ní vẹ́ṣọ̀n. Nínú àwọn 5 tí kò ṣí fún, mẹ́ta wà lórí 31, méjì wà lórí ti àtijọ́.

Àgbà_Andírọ́ìdì
Ó dáa. Wá wo ìṣirò yìí pẹ̀lú mi. Gbogbo ẹni tó ní áàpù yín ló ń rí ìpolówó, nínú gbogbo wọn, 13 ló kọ̀wé. Ṣùgbọ́n èèyàn kan nínú márùn-ún péré ló tíì lè ní vẹ́ṣọ̀n 31, márùn-ún ti kígbe pé iṣẹ́ àwọn ti lọ. Ká ní gbogbo èèyàn lẹ fún ni, bí 25 ni ẹ̀ bá máa kà báyìí. Ìṣirò ojú lásán ni o, 5 kéré jù láti fi búra, ṣùgbọ́n ó tó láti fi mọ̀ pé ohun tó wà nísàlẹ̀ tẹ́ẹ̀bù ẹ yẹn lè ju ti òkè lọ. Kí o tó fi nọ́ńbà méjì wé ara wọn, béèrè pé èèyàn mélòó ló wà níbi tí nǹkan yẹn ti lè ṣe wọ́n.

Ti màmá wá kún un. Ẹni tí ìpolówó ń bí nínú lónìí, bẹ́ ẹ bá dín in kù lóṣù tó ń bọ̀, inú ẹ̀ á rọ̀. Télọ̀ tí ìwọ̀n igba kọsítọ́mà ẹ̀ lọ, kò sóhun tẹ́ ẹ fẹ́ ṣe lóṣù tó ń bọ̀ tó máa mú un padà.

Torí náà, kó o tó sùn lálẹ́ yìí, wọ Play Console, lọ síbi vẹ́ṣọ̀n 31, tẹ `Halt rollout`. Kò ní yọ 31 kúrò lọ́wọ́ ẹni tó ti gbà á, kò kàn ní dé ọwọ́ ẹlòmíì ni. Ìṣẹ́jú méjì ni, kò sì gba kóòdù kankan. Lẹ́yìn náà wá sọ fún mi bóyá ẹ fọwọ́ kan dátábéèsì nínú 31.

Bọ̀dá_Káńtà
Ẹ ti wá sọ márùn-ún di 25, ẹ ní kí n má sọ̀rọ̀. Bí àwọn márùn-ún yẹn bá fọwọ́ ara wọn pa á rẹ́ ńkọ́? Mo ti rí ẹni tó lọ sí sẹ́tíǹsì tó tẹ "clear data" kí àyè lè ṣí sílẹ̀ lórí fóònù, tó wá padà wá bú dẹfẹlópà.

Àgbà_Andírọ́ìdì
Òótọ́ ni, ó ń ṣẹlẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn tó ń tẹ "clear data" á wà lórí vẹ́ṣọ̀n gbogbo, 28, 29, 30, wọn ò ní kó ara wọn jọ sórí 31 tí ìdá márùn-ún èèyàn péré ní. Ìyẹn gan-an ló jẹ́ kí n máa béèrè vẹ́ṣọ̀n.

ọmọ_télọ̀
Mo ti dá a dúró. Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀rù ti ń bà mí. A fi àyè tuntun kan kún tébùlù ìwọ̀n nínú 31, "ọjọ́ tí aṣọ á jáde". Room la ń lò fún dátábéèsì. Bó ṣe wà rèé:

```kotlin
Room.databaseBuilder(ctx, AppDb::class.java, "iwon.db")
    .addMigrations(MIGRATION_6_7)
    .fallbackToDestructiveMigration()
    .build()
```

MIGRATION_5_6 wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, ọ̀rẹ́ mi ló yọ ọ́ nígbà tó ń tún kóòdù ṣe, ó ní gbogbo èèyàn ti kúrò lórí 5.

Àgbà_Andírọ́ìdì
Ibẹ̀ nìyẹn. Vẹ́ṣọ̀n áàpù wo ló ń lo dátábéèsì 5?

ọmọ_télọ̀
28 àti 29. Láti 30 ló ti di 6.

Àgbà_Andírọ́ìdì
Télọ̀ tó wà lórí 30, bó bá gba 31, Room á rí ọ̀nà láti 6 sí 7, kò ní sí wàhálà. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ èèyàn kì í gba gbogbo àpdéètì, dátà wọ́n, wọ́n á ti pa àpdéètì aládàáṣe, wọ́n á fò láti 28 bọ́ sí 31 lẹ́ẹ̀kan náà. Room á wá ọ̀nà láti 5 lọ sí 7, kò rí i, ìlà tẹ́ ẹ kọ síbẹ̀ yẹn, `fallbackToDestructiveMigration()`, sì ti fún un láṣẹ pé bó ò bá rí ọ̀nà, pa gbogbo tébùlù rẹ́ kó o bẹ̀rẹ̀ látòfo. Kò ní kígbe, áàpù ò ní jáde fúnra ẹ̀, ẹ ò sì ní rí nǹkan kan lórí Android vitals, torí lójú fóònù, ohun tẹ́ ẹ ní kó ṣe náà ló ṣe. Ríifíù nìkan ni ẹ̀rí tó máa ń wá fún irú èyí. Òun ló jẹ́ kí n máa ka oníràwọ̀ kan tó bá ní "pòórá", "ti lọ", "ó ti ṣófo" ṣáájú gbogbo nǹkan, kódà kó jẹ́ ẹnì kan ló kọ ọ́.

Má gba ọ̀rọ̀ mi gbọ́ lásán, dán an wò. Wá fóònù kan, fi 28 sí i, kọ kọsítọ́mà mẹ́ta sínú ẹ̀, kó o wá gbé 31 lé e lórí láìyọ ti àkọ́kọ́:

```
adb install -r app-v31.apk
```

Kọ́kọ́rọ́ kan náà lẹ gbọ́dọ̀ fi sáìnì APK méjèèjì o, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ fóònù ò ní gbà á.

ọmọ_télọ̀
Ó ṣófo. Kọsítọ́mà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lọ. Mo tún ṣe é látorí 30, wọ́n wà níbẹ̀ digbí. Ọ̀rẹ́ mi ò tíì sọ̀rọ̀ láti ìgbà tí mo ti fi fọ́tò ẹ̀ ránṣẹ́ sí i.

ìyá_ìbejì_kóòdù
Ẹ pẹ̀lẹ́ o. Ẹ tètè sọ fún àwọn tó kọ ríifíù yẹn pé kí wọ́n yọ áàpù kúrò kí wọ́n sì tún dáńlóòdù ẹ̀, Google á dá a padà fún wọn látinú bákáàpù. Mo ti ṣe é rí, ó ṣiṣẹ́.

Àgbà_Andírọ́ìdì
Ẹ dúró ná mà, ẹ jọ̀ọ́. Ìdajì ẹ̀ lòótọ́, ìdajì tó kù lè pa wọ́n lára. Bí áàpù yẹn bá gba bákáàpù aládàáṣe, Andírọ́ìdì máa ń gbé nǹkan inú ẹ̀ tí kò bá ju 25 MB lọ sínú àkáǹtì Google onítọ̀hún, bí wákàtí 24 bá ti kọjá, tí fóònù sì wà ní ìsinmi lórí Wi-Fi. Ìṣòro àkọ́kọ́ ni pé èyí tó kẹ́yìn nìkan ló ń tọ́jú. Bí bákáàpù tuntun bá ti wáyé lẹ́yìn tí 31 ti pa tébùlù rẹ́, òfo ló ti gbé sórí èyí tó dáa. Èkejì, télọ̀ tí kì í rí Wi-Fi lò lè má ní bákáàpù kankan rárá, ẹ wá ní kó yọ áàpù kúrò, fọ́tò sítáì tó ṣẹ́ kù sínú fódà áàpù náà á tún bá a lọ.

Ọmọ_télọ̀, ṣé fọ́tò wọ̀nyẹn ń bẹ nínú fódà áàpù, kí sì ni ẹ kọ síwájú `android:allowBackup`?

ọmọ_télọ̀
true ni, a ò yí i padà. Fọ́tò wà nínú fódà áàpù. Ẹlòmíì ní fọ́tò tó ju 25 MB lọ dáadáa.

Àgbà_Andírọ́ìdì
Á jẹ́ pé bákáàpù tiwọn ti dúró láti ọjọ́ tí ẹrù ti ju 25 MB lọ. Bí áàpù bá kọjá ìwọ̀n yẹn, kò ní gbé tuntun mọ́. Ó burú fún wọn títí di oṣù tó kọjá, ó wá lè jẹ́ òun ló máa gba díẹ̀ nínú wọn là báyìí, torí ti àtijọ́ tó wà níbẹ̀ lè ní ìwọ̀n nínú. Mi ò lè fi ìyẹn dá yín lójú lórí ẹnì kọ̀ọ̀kan. Ẹ bá wọn sọ̀rọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, ẹ ní kí wọ́n wọ sẹ́tíǹsì fóònù, níbi bákáàpù Google, kí wọ́n wo ọjọ́ tó wà lára ti áàpù yín kí wọ́n tó yọ ohunkóhun kúrò.

Ti kóòdù: ẹ dá MIGRATION_5_6 padà, ẹ yọ ìlà `fallbackToDestructiveMigration()` kúrò pátápátá, kí èyí di 32.

ìyá_ìbejì_kóòdù
Mo gbà pẹ̀lú ti bákáàpù, mi ò mọ̀ pé èyí tó kẹ́yìn nìkan ni. Ṣùgbọ́n bẹ́ ẹ bá yọ ìlà yẹn kúrò, tí ọ̀nà kan bá tún sọnù lọ́jọ́ iwájú, áàpù á máa jáde fúnra ẹ̀ kó tó ṣí. Ẹ̀gbọ́n, Google ń wo ìyẹn o, bí 1.09% àwọn tó ń lò ó lójúmọ́ bá ń rí i tó ń jáde, wọ́n lè má gbé áàpù yín síwájú èèyàn mọ́. Ríifíù búburú méjì mẹ́ta ò tó ìyẹn.

Àgbà_Andírọ́ìdì
Òótọ́ ni 1.09% yẹn. Èmi ṣì fẹ́ kó jáde fúnra ẹ̀, torí bó bá jáde, ìwọ̀n wà nínú fóònù, mo lè gbé 33 jáde lọ́la, gbogbo ẹ̀ á padà sípò. Á sì hàn lórí vitals láàárín ọjọ́ kan sí méjì, mi ò ní dúró de oníràwọ̀ kan kó wá sọ fún mi. Ẹ̀yin náà ní ìdí tiyín mà, mo mọ àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n tó ń ṣe é bẹ́ ẹ ṣe sọ.

ìyá_ìbejì_kóòdù
Áàpù ìròyìn ni tèmi, bó pa á rẹ́, á tún fà á látorí sáfà. Bóyá ìyẹn ni ò jẹ́ kó dùn mí.

mẹ́séèjì_lọjà
Ẹ ti jẹ́ kí n gbàgbé ti OTP. Iṣẹ́ mẹ́séèjì ni mo ń ṣe, ẹ jẹ́ kí n sọ èyí tí mo mọ̀. Láti 2016 ni NCC ti ní kí èèyàn lè fi mẹ́séèjì ránṣẹ́ sí 2442 láti ní kí wọ́n má fi ìpolówó yọ òun lẹ́nu mọ́. Ọ̀pọ̀ nọ́ńbà Nàìjíríà ló wà lórí ẹ̀, àwọn míì ò tiẹ̀ rántí pé àwọn ti ṣe é. Bó bá jẹ́ ọ̀nà ìpolówó ni ilé iṣẹ́ mẹ́séèjì yín ń gbà fi OTP ránṣẹ́ torí pé òun ló rọjú, nọ́ńbà wọ̀nyẹn ò ní rí i láé. Ẹ wọ dáṣíbọ́ọ̀dù wọn, ẹ wò ó, wọ́n á ti kọ DND síwájú àwọn tó kùnà. Bó bá rí bẹ́ẹ̀, kóòdù kọ́ lẹ máa tún ṣe, ọ̀nà lẹ máa yí sí ti ìdúnàádúrà tí kì í ṣe ti ìpolówó, ó kàn wọ́n díẹ̀ lórí mẹ́séèjì kọ̀ọ̀kan ni.

Ẹ má sì fojú kéré ẹ̀sùn yìí. Ẹni tí ìpolówó ń bí nínú ti wọlé, ó ń lò ó. Ẹni tí OTP ò wọlé fún kò tíì rí inú áàpù yín rí, á yọ ọ́ kúrò láàárín ìṣẹ́jú márùn-ún ni, ọ̀pọ̀ wọn ò tiẹ̀ ní kọ nǹkan kan. Ó ṣe mí bíi pé ẹni tó kọ "olè" yẹn lè wà lára wọn, ẹ gba nọ́ńbà ẹ̀, ẹ ò fún un ní nǹkan kan.

ọmọ_télọ̀
Haa! Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ wo ti "olè" yẹn. Ọjọ́ kan náà ni pẹ̀lú ẹnì kan tó kùnà lórí dáṣíbọ́ọ̀dù mẹ́séèjì, DND ló wà níwájú ẹ̀. Mi ò lè búra pé ẹni yẹn ni. Àmọ́ méje nínú mẹ́sàn-án ló jọ DND. Méjì tó kù ni mi ò mọ̀, Faransé ni wọ́n fi kọ ríifíù wọn, +229 ni nọ́ńbà, ilé iṣẹ́ mẹ́séèjì ò sì rí i gbà lọ́wọ́ wa rárá, bíi pé áàpù wa ò fi ránṣẹ́.

ọmọ_Àjàṣẹ́
Ẹ kú ọ̀rọ̀ o, Àjàṣẹ́ ni mo wà. Nọ́ńbà mélòó ni áàpù yín ń retí lẹ́yìn +229? Láti 30 oṣù kọkànlá 2024 ni nọ́ńbà wa ní Bẹ̀nẹ̀ ti di 10, wọ́n fi 01 síwájú gbogbo èyí tó jẹ́ 8 tẹ́lẹ̀. Áàpù púpọ̀ ṣì ń lé wa padà.

ọmọ_télọ̀
8 la kọ síbẹ̀. Ọlọ́run ò. A ò tiẹ̀ mọ̀ pé àwọn télọ̀ Àjàṣẹ́ ń dáńlóòdù ẹ̀.

ọmọ_Àjàṣẹ́
Wọ́n wà o. Ẹ wo ìràwọ̀ tó ń bọ̀ láti Bẹ̀nẹ̀ lọ́tọ̀ nínú Play Console, orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan ló ní ti ẹ̀. Ẹni tó bá wà níbí, ti ibí ló ń rí, kì í ṣe 3.9 yín yẹn.

ọmọ_télọ̀
2.6 ni ti Bẹ̀nẹ̀.

Bọ̀dá_Káńtà
Ó dáa, mo ti gbọ́. Ìpolówó ńkọ́? 13 ṣì ni 13 o, vẹ́ṣọ̀n gbogbo ló wà.

Àgbà_Andírọ́ìdì
Ẹ ò jayò pa, bọ̀dá. Ọmọ_télọ̀, ìgbà wo gan-an ni ìpolówó yẹn ń yọ? Ka 13 yẹn lẹ́ẹ̀kan sí i, wo ìgbà tí wọ́n mẹ́nu bà.

ọmọ_télọ̀
Mẹ́wàá nínú wọn sọ nǹkan kan náà lọ́nà oríṣiríṣi: "kọsítọ́mà dúró níwájú mi", "mo tẹ orúkọ, ìpolówó ló yọ", "mo fẹ́ gé aṣọ". Èyí tó máa ń kún ojú fóònù tí èèyàn bá tẹ orúkọ kọsítọ́mà láti wo ìwọ̀n ẹ̀ ni. Mẹ́ta tó kù kàn ní ó pọ̀.

Àgbà_Andírọ́ìdì
Ẹ̀sùn yẹn ò wá jẹ́ "ó pọ̀" mọ́, ibi tó ń yọ ló ń dùn wọ́n. Láti 30 oṣù kẹsàn-án 2022 ni òfin Google Play ti kọ ìpolówó agbójú-fóònù tó bá ṣàdédé yọ nígbà tí èèyàn tẹ nǹkan míì tó fẹ́ ṣe. Tiyín yìí súnmọ́ ọn pẹ́kípẹ́kí. Ẹ gbé e kúrò lójú ọ̀nà ìwọ̀n, ẹ lè fi èyí tó tẹ́ẹ́rẹ́ sísàlẹ̀ ojú ìwé tí orúkọ gbogbo kọsítọ́mà wà.

ọmọ_télọ̀
Ọ̀rẹ́ mi ní èyí tẹ́ẹ́rẹ́ ò ní mú ìdá mẹ́ta owó yẹn wọlé, bẹ́ẹ̀ owó yẹn la fi ń san mẹ́séèjì, tí mẹ́séèjì á sì tún wọ́n sí i báyìí torí DND. A ṣì ń bá ara wa jà lórí ẹ̀.

mẹ́séèjì_lọjà
Kí ló dé tí télọ̀ tiẹ̀ gbọ́dọ̀ gba OTP kó tó kọ ìwọ̀n sínú fóònù ara ẹ̀? Ẹ yọ ọ́, owó mẹ́séèjì á kúrò ńlẹ̀.

ọmọ_télọ̀
A ń gbèrò láti máa gbé ìwọ̀n wọn sórí sáfà lọ́jọ́ iwájú ni, a fẹ́ kí nọ́ńbà wọn ti wà lọ́wọ́ wa. Àmọ́ ẹ ti fi nǹkan sí mi lọ́kàn.

Ẹ jọ̀ọ́, mo fẹ́ kó ríifíù ọdún kan sílẹ̀ kí n tún wo ti tẹ́lẹ̀. Mo gbìyànjú API, ti ọ̀sẹ̀ kan péré ló fún mi. Mo dáńlóòdù CSV ti oṣooṣù, Python ní òun ò lè kà á.

ìyá_ìbejì_kóòdù
API ò ní fún ẹ ju ọ̀sẹ̀ kan lọ, bí wọ́n ṣe ṣe é nìyẹn. CSV yẹn, UTF-16 ni wọ́n fi kọ ọ́:

```python
import pandas as pd
df = pd.read_csv("reviews.csv", encoding="utf-16")
df[df["Star Rating"] <= 2].groupby("App Version Code").size()
```

ọmọ_télọ̀
Ó kà á. Ẹ ṣeun mà.

Ohun tá a ti ṣe rèé. 32 ti jáde, MIGRATION_5_6 wà níbẹ̀, a dán an wò látorí 28, 29 àti 30, 5% la kọ́kọ́ fi sí. +229 ti ń gba nọ́ńbà 10. Ọ̀nà mẹ́séèjì ti yí. Àwọn 5 tó ní kò ṣí, mẹ́ta tó wà lórí 31 jẹ́ ohun kan náà lórí vitals, fọ́tò ńlá lórí fóònù onírámù 2 GB, ìyẹn ló kàn. Méjì tó kù kò tíì yé wa. A dá àwọn tí ìwọ̀n wọn lọ lóhùn, àwọn méjì rí bákáàpù àtijọ́, àwọn méjì ò rí nǹkan kan, ẹnì kan ò dáhùn. Ẹni kẹfà, tí kò ní vẹ́ṣọ̀n yẹn, fóònù tuntun ló rà, kò sí ohun tó kàn án pẹ̀lú 31 rárá.

ìyá_ìbejì_kóòdù
Kí lẹ kọ sí àwọn tí kò rí nǹkan kan? Mo mọ̀ pé lẹ́tà 350 péré ni Google gbà ní ìdáhùn kan.

ọmọ_télọ̀
A sọ pé àpdéètì 31 ló pa á rẹ́, ẹ̀bi wa ni, 32 ò ní ṣe é, a wá fi ímeèlì wa síbẹ̀. Ẹnì kan sọ ìràwọ̀ kan di méjì. Ẹnì kejì fi í sílẹ̀ ní kan.

Bọ̀dá_Káńtà
Èmi ò bá má jẹ́wọ́ o, gbogbo ayé ló ń ka ìdáhùn yẹn. Ẹni tó bá fẹ́ dáńlóòdù á rí i pé ẹ ti pa iṣẹ́ èèyàn rẹ́ rí.

Àgbà_Andírọ́ìdì
Wọ́n ti rí i nínú ríifíù náà kí wọ́n tó dé ìdáhùn, bọ̀dá. Ṣùgbọ́n èmi ì bá dúró kí 32 dé 100% kí n tó dáhùn, torí Google máa ń fi tó onítọ̀hún létí pé a ti dá a lóhùn, ẹ̀ẹ̀kan yẹn ló sábà máa ń padà wá wò ó, ó sì dáa kó bá nǹkan tó ti ṣiṣẹ́ níbẹ̀.

ọmọ_télọ̀
A rò ó bẹ́ẹ̀, àmọ́ ti bákáàpù ló jẹ́ ká yára, bá a bá dúró títí di 100%, òfo á ti gorí ẹ̀.

màmá_láéèsì
Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ ò tíì dá mi lóhùn lórí ti ọlọ́jọ́ Sọ́ńdè o.

mẹ́séèjì_lọjà
Ẹ ò lè fúnra yín yọ ọ́ mà, ẹ lè fẹ̀sùn kan ríifíù yẹn lọ́dọ̀ Google, ṣùgbọ́n bí kò bá rú òfin wọn, ibẹ̀ ló máa wà. Ẹ ní kí ọmọ yín wo àkókò tí ìsọ̀ ń ṣí tó wà lórí máàpù yẹn, bóyá wọ́n kọ Sọ́ńdè mọ́ ọn.

màmá_láéèsì
Ó ní òótọ́ ni, wọ́n kọ ọ́ mọ́ ọn, 8 sí 6. Ó ti ń yọ ọ́.